Láti inú ìwé eré gígùn bọ́ sínú férémù olóòró

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ ìwé eré dọ́kúmẹ́ńtárì oníṣẹ́jú 24 lórí àwọn ilé Àgùdà, ilé tí àwọn tó padà dé láti Brasil kọ́ sí Erékùṣù Èkó. A ti ya ìdajì, ó ku ìdajì. Purodúsà wa ní kí a yọ fídíò kúkúrú mẹ́fà nínú rẹ̀ fún TikTok, Instagram, YouTube Shorts, Facebook àti WhatsApp. Ẹ́dítọ̀ wa gé méjì láti fi dán an wò. Ojú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ gé sí méjì, àwọn tí a sì fi hàn ní ọ̀rọ̀ náà ò yé àwọn. Ṣé kí n kọ ìwé eré mẹ́fà tuntun ni, àbí kí ẹ́dítọ̀ kàn tún un gé? Mo fi ìran kẹsàn-án ránṣẹ́, mo sì ṣe àkópọ̀ àwọn ìran míì, kí ẹ bá mi wò wọ́n." Akọ̀wé eré kan, Yábàá.

Àbúrò mi, má bá ẹ́dítọ̀ yín jà. Ohun tó ṣe ni ọ̀pọ̀ áàpù máa ń ṣe fúnra wọn bí a bá ní kí wọ́n sọ férémù oníbùú di olóòró: àárín ni wọ́n máa ń mú. Jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ojú tó gé sí méjì ti wá. Fídíò tí ẹ yà jẹ́ píksẹ́lì 1920 ní ìbú, 1080 ní òòró, ìyẹn àwọn àmì tíńtìntín tó para pọ̀ di àwòrán, èyí tí à ń pè ní 16:9, tó bá ojú tẹlifíṣọ̀n mu. Bí ẹ bá fẹ́ gé férémù olóòró, 9:16, jáde nínú rẹ̀, tí ẹ sì lo gbogbo òòró rẹ̀ pátá, ìbú tó máa kù fún yín ò ju nǹkan bíi 607 lọ. Nínú gbogbo ohun tí oníkámẹ́rà tò kalẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì, ohun tó kù ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, oníkámẹ́rà tó mọṣẹ́ kì í sábà gbé ẹni tí a ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sí àárín gbùngbùn. Ẹ̀gbẹ́ kan ló máa gbé e sí, ní ìdá kan nínú mẹ́ta, kó lè máa kọjú sí ibi tó ṣófo. Ìyẹn ni pé àárín ojú bàbá tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò yín wà níbi 640 láti ọwọ́ òsì. Férémù olóòró tí áàpù mú láti àárín sì bẹ̀rẹ̀ níbi 656. Imú bàbá ti bọ́ sóde kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀.

Àtúnṣe ìyẹn ò le. Kí ẹ́dítọ̀ yín má jẹ́ kí áàpù dá a gé. Kó ṣí férémù tó jẹ́ 1080 ní ìbú, 1920 ní òòró, kó gbé ṣọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ sún un títí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á fi jókòó síbi tó yẹ. Bó bá ti kan ṣọ́ọ̀tù míì, kó tún un sún. Ohun tí èyí máa gbà lọ́wọ́ yín ni dídán àwòrán: 607 yẹn ní láti fẹ̀ di 1080, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ojú èèyàn tí ìmọ́lẹ̀ bà dáadáa lè gba irú ìfẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Ọnà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe sára ògiri ilé Àgùdà ò lè gbà á, gbogbo rẹ̀ á kàn máa ṣe bàìbàì ni. Nítorí náà, ìdajì tó kù láti yà, bí kámẹ́rà yín bá ní 4K, 3840 sí 2160, orí ìyẹn ni kí ẹ yí i sí. Férémù olóòró tí ẹ bá gé nínú ìyẹn á jẹ́ 1215 ní ìbú, 2160 ní òòró, ó ju ohun tí ẹ nílò lọ, ẹ ò sì ní fẹ ohunkóhun.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń ṣe níbi tí a bá ti ń ya fídíò, tí kò ná wa ju sẹ́lótéèpù lọ. Mo máa ń wọn àwòrán tó wà lójú mọ́nítọ̀. Bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16, tí òòró rẹ̀ jẹ́ 9, ibi tí férémù olóòró máa kó ò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ ní àárín. Mo máa lẹ sẹ́lótéèpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún 5 yẹn, ọ̀kan sí òsì. Àwọn kámẹ́rà kan ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ nínú ara wọn, ẹ wá a kí ẹ tó lẹ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìlà yẹn kó gbogbo ayé sí àárín o. Dọ́kúmẹ́ńtárì yín ni ìyá, òun ló ni oúnjẹ. Ìran tí ẹ bá ti mọ̀ pé fídíò kúkúrú máa jáde nínú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi ìlà yẹn yà, kí ìwọ akọ̀wé sì ti fi àmì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé eré kí oníkámẹ́rà tó dé. Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ kó ya ìbú rẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ká ní ojú tó gé nìkan ni ìyọnu yín, ẹ́dítọ̀ á yanjú ẹ̀ ní ọ̀sán kan. Pé ọ̀rọ̀ náà ò yé àwọn èèyàn ló wúwo, iṣẹ́ tìrẹ sì ni, kì í ṣe ti ẹ́dítọ̀. Mo ka ìran kẹsàn-án tí o fi ránṣẹ́. Ohun tí asọ̀tàn sọ níbẹ̀ nìyí: "Nígbà tó yá, òun náà padà wálé. Kò bá àwọn yòókù dúró síbi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Kákàwá ló gbà lọ. Ibẹ̀ ló sì ti gbẹ́ ohun tó sọ ilé náà lórúkọ." Ó dùn ún gbọ́. Ẹni tó bá ti bá yín bọ̀ láti ìṣẹ́jú kìíní mọ̀ pé João Esan da Rocha ni "òun," ó mọ̀ pé Brasil ló ti ń padà bọ̀, ó mọ àwọn yòókù náà, ó sì ti ń retí ohun tó gbẹ́. Ẹni tó pàdé rẹ̀ lórí fóònù nínú ọkọ̀ BRT ní títì Ìkòròdú ò mọ ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ta ló padà? Láti ibo? Àwọn yòókù wo? Kí ló gbẹ́? Kó tó rí ìdáhùn sí èyí àkọ́kọ́, ó ti fọwọ́ ti fídíò yín sókè, ó ti ń wo ẹni tó ń dín ẹja.

Bí ìwé eré gígùn ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe àléébù. Gbólóhùn kan ló ń fẹ̀yìn ti èkejì. Àwa akọ̀wé ló kọ́ ara wa pé kí a má máa dá orúkọ pè léraléra, kí a lo "òun," kí a lo "wọ́n," kí a fi ohun tó dùn jù sí ìparí. Gbogbo ohun tó mú kí ìran kẹsàn-án dára nínú fídíò gígùn ló pa á nígbà tó dá dúró. Bí ẹ́dítọ̀ bá gé e nígbà ọgọ́rùn-ún, kò lè fi orúkọ tí asọ̀tàn ò dá síbẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, mú pẹ́ńsù, kí o ka ìwé eré rẹ láti òkè dé ilẹ̀. Fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ẹ̀yìn: òun, wọ́n, yẹn, àwọn yòókù, níbẹ̀, bí a ṣe sọ, nígbà náà. Ìran tí ìlà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró fúnra rẹ̀, gbólóhùn kan péré tí asọ̀tàn bá kà kún un á gbé e dúró. Ìran tí ìlà rẹ̀ bá tó mẹ́rin, bíi ti kẹsàn-án yìí, àfi kí o tún un kọ. Èyí tó bá kún fún ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà lórí rẹ̀, bó ti wù kí purodúsà fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Bí èmi ṣe máa tún ìran kẹsàn-án kọ fún fídíò kúkúrú nìyí: "Inú kànga ilé kan ní Òpópónà Kákàwá ni àwọn ará Èkó ti máa ń ra omi nígbà kan. Ọkùnrin tó ni kànga náà, ẹrú ni wọ́n kó o lọ sí Brasil ní kékeré. João Esan da Rocha ni orúkọ rẹ̀. Ó padà dé, ó kọ́lé, ó gbẹ́ kànga. Kò tíì sí ẹ̀rọ omi ìjọba. Títí dòní, orúkọ omi ni wọ́n fi ń pe ilé rẹ̀." Wò ó bí mo ṣe tò ó. Ohun tí o fi sí ìparí ni mo gbé wá sí iwájú, ṣùgbọ́n mi ò gbé gbogbo rẹ̀ wá. Mo sọ kànga, mo sọ títà omi, mo sọ ibi tó wà, mo wá fi ẹni tó ni ín pa mọ́ di gbólóhùn kejì àti ìkẹta. Àwọn kan máa ń rò pé kí èèyàn já ìdáhùn sílẹ̀ ní gbólóhùn kìíní ni kò ní jẹ́ kí ẹni tó ń wò ó sá. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìdáhùn kí ló tún ń dúró ṣe? Ohun tó máa mú kó béèrè ìbéèrè fúnra rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbọ́. Jọ̀ọ́, má sì fi "Ṣé ẹ mọ̀ pé" bẹ̀rẹ̀, ó ti sú gbogbo wa.

Tún kíyè sí i pé àwòrán tí gbólóhùn kìíní ń bèèrè fún bá férémù olóòró mu: kànga, okùn tó ń sọ̀ kalẹ̀, korobá tó ń gòkè bọ̀. Òòró ni gbogbo wọn. Nínú ìwé rẹ, ọ̀rọ̀ yẹn kọ́kọ́ jáde lórí ṣọ́ọ̀tù tí dúróònù yà láti òkè, tó ń fi òrùlé Erékùṣù hàn títí dé etí ọ̀sà Marina. Lórí tẹlifíṣọ̀n ó rẹwà. Bí a bá gé e ní òòró, òrùlé páànù mélòó kan ló máa kù. Nígbà tí o bá ń tún ọ̀rọ̀ kọ, ohun tí ojú máa rí ni kí o jẹ́ kó yan gbólóhùn tí o máa fi bẹ̀rẹ̀. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí ẹ yà láti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sókè, ilẹ̀kùn gíga, àtẹ̀gùn, fèrèsé tó ga tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, gbogbo ìwọ̀nyí fẹ́ràn òòró. Ọlọ́run ṣe é, ilé Àgùdà kún fún wọn.

Ní ti ìran ilé Ìlọ́jọ̀ tó wà ní Ìta Tinúbú, ìyẹn dára bó ṣe wà. Mo ka èyí tí o ṣe àkópọ̀ rẹ̀ fún mi, gbólóhùn kan péré ló ń fẹ̀yìn ti ìran mìíràn. Ilé kan wà, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ohun kan ṣoṣo, ìyípadà kan ṣoṣo, ìtàn náà sì parí sínú ara rẹ̀. Irú ìran tó yẹ kí o máa wá nìyẹn. Sọ orúkọ ilé náà ní gbólóhùn kìíní dípò "ilé yìí," ó parí. Bí fọ́tò tí ẹ ní bá jẹ́ fọ́tò oníbùú tí wọ́n ti yà kí wọ́n tó wó o, ẹ má gé e. Ẹ gbé e sí àárín férémù olóòró bó ṣe wà, kí ẹ kọ 1956 sí òkè rẹ̀. Nígbà tí asọ̀tàn bá dé orí 2016, kí fọ́tò náà kúrò, kó ku ọdún nìkan.

Wàyí o, ìran tí o ti fi ilé aláràábarà àwọn Àgùdà wé ilé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ìbú ni ìran yẹn ń jẹ. Bí ẹ bá gé e, ọ̀kan á lọ, asọ̀tàn á sì máa sọ pé "ẹ wo méjèèjì" sórí ilé kan ṣoṣo. Ohun tó máa ń gbà mí níbi bẹ́ẹ̀ ni pé kí n tò wọ́n lé ara wọn. Bí a bá dín àwòrán oníbùú kù títí ìbú rẹ̀ á fi di 1080, òòró rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 607. Méjì rẹ̀ léra á gba nǹkan bíi 1215 nínú 1920, ó ṣì ku àyè fún ọ̀rọ̀ kíkọ lókè àti nísàlẹ̀. Kò sí èyí tí a gé, kò sí èyí tí a fẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu asọ̀tàn gbọ́dọ̀ yí padà: "lọ́wọ́ ọ̀tún yín" ti di "lókè," "lọ́wọ́ òsì" ti di "nísàlẹ̀." Ó dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ òun ni ẹ́dítọ̀ kì í lè tún ṣe lẹ́yìn, torí ohùn ti wà nílẹ̀. Nítorí náà, kọ gbólóhùn yẹn lọ́nà méjì sínú ìwé eré láti ìsinsìnyí, kí asọ̀tàn ka méjèèjì.

Èyí mú mi dé orí ọjọ́ tí ẹ máa gba ohùn asọ̀tàn sílẹ̀. Gbogbo gbólóhùn àfikún tí fídíò kúkúrú nílò, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti dọ́kúmẹ́ńtárì ni kí ẹ gbà á, nínú yàrá kan náà, níwájú makirofóònù kan náà. Bí ẹ bá pè é padà lẹ́yìn oṣù kan kó wá ka gbólóhùn méjì, ohùn rẹ̀ ò ní bára mu: bóyá ọ̀fìnkìn ti mú un, bóyá yàrá yẹn ń dún, bóyá jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń kùn. Etí máa gbọ́ ibi tí ẹ ti lẹ̀ ẹ́. Ní ìwọ̀n tèmi, asọ̀tàn Yorùbá tí kò kánjú máa ń ka nǹkan bí 110 sí 130 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ fún fídíò oníṣẹ́jú kan kò gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni YouTube ti gba kí Shorts tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ṣùgbọ́n má tìtorí pé àyè wà kí o fi ọ̀rọ̀ kún un. Ìtàn kànga yìí ò nílò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ti Ìlọ́jọ̀ lè gùn jù ú lọ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìbátan méjì tó ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n ní ìkángun kan, àbúrò ní ìkángun kejì, ẹ ti yà á, kò sí bí ẹ ṣe máa kó wọn jọ sínú 607. Ọ̀nà mélòó kan ló wà níbẹ̀. Ẹ lè máa fo láti ojú ẹnì kan sí ti ẹnì kejì bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Ó máa ń ṣiṣẹ́ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀. Àmọ́ ohun tó dùn jù níbẹ̀, bí àbúrò ṣe ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ti lọ nìyẹn. Ẹ sì lè gé férémù onígun mẹ́rin dọ́gba, 1080 sí 1080, tí kì í fẹ àwòrán rárá, kí ẹ gbé e sí àárín férémù olóòró, á ku 420 lókè àti 420 nísàlẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá wọ inú rẹ̀, òun ni mo máa mú. Ọ̀pọ̀ ẹ́dítọ̀ máa ń fi àwòrán kan náà tó ṣe bàìbàì dí òkè àti ìsàlẹ̀ yẹn. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, ó máa ń fa ojú kúrò lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Dúdú tàbí àwọ̀ kan péré tó. Bí wọn ò bá wọ inú onígun mẹ́rin náà, ìran yẹn kì í ṣe ti fídíò kúkúrú, ẹ jẹ́ kó máa gbé inú dọ́kúmẹ́ńtárì. Ní ti irú rẹ̀ tó bá kù láti yà, ẹ má gbé ìjókòó wọn sí ìkángun méjì mọ́. Orí àtẹ̀gùn ni kí ẹ fi wọ́n sí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Férémù oníbùú gbà á, olóòró gbà á.

Purodúsà yín ka áàpù márùn-ún, ó rò pé iṣẹ́ márùn-ún ni. Bí férémù ṣe rí ni kí ẹ kà. Olóòró 9:16 kan ṣoṣo máa lọ sí TikTok, Reels Instagram, Shorts àti Status WhatsApp. Facebook náà ń gbà á. Bí ẹ bá tún fẹ́ èyí tó máa jókòó dáadáa láàárín àwọn ìfìwéránṣẹ́ lórí Instagram àti Facebook, ẹ ṣe 4:5, ìyẹn 1080 sí 1350. Férémù méjì nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ìyàtọ̀ áàpù ti ń dunni gan-an ni ohun tí wọ́n ń kọ bo fídíò. Orúkọ yín àti àlàyé máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀, àwọn àmì fífẹ́ràn àti pínpín máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá bíi ti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀. Nínú 1920, mo máa ń fi nǹkan bíi 400 sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, 200 ní òkè, àti 150 ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Àwọn áàpù náà máa ń yí ibi tí wọ́n ń gbé nǹkan sí padà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí àkáǹtì tí ẹlòmíì ò lè rí, kí ẹ fi fóònù ara yín wò ó.

Ọ̀rọ̀ kíkọ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Ọ̀pọ̀ ló ń wò ó láìgbóhùn, nínú ọkọ̀, níbi iṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn. Ìwọ akọ̀wé ni kó kọ ọ́, kí ẹ má fi í sílẹ̀ fún áàpù tí kò mọ àmì ohùn. Kó tó di pé ẹ yan fọ́ńtì, ẹ tẹ gbólóhùn kan tó ní ẹ́, ọ̀ àti ṣ nínú rẹ̀ kí ẹ wo bó ṣe jáde. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì tó rẹwà ò ní àwọn lẹ́tà wa: ẹ̀ẹ́ rí àpótí òfìfo, tàbí kí àmì ohùn fò lọ bà lórí lẹ́tà kejì. Noto Sans máa ń gbé wọn jáde dáadáa.

Nǹkan kan wà tí mi ò ní fi bò. Bó o ṣe lè tún ọ̀rọ̀ asọ̀tàn kọ nìyẹn, o ò lè tún ọ̀rọ̀ bàbá ẹlẹ́bí kọ. Bí bàbá bá sọ pé "Wọ́n ní àwọn ló ni ilé yìí, àmọ́ ìwé wà lọ́wọ́ wa," tí ẹ gé e sí "àwọn ló ni ilé yìí," ẹ ti sọ ẹ̀rí bàbá di ti ẹnì kejì. Nínú dọ́kúmẹ́ńtárì, ìṣẹ́jú tó ṣáájú máa ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ rẹ̀, nínú fídíò kúkúrú kò sí ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Ilé ẹbí ní Erékùṣù, ẹ mọ bí ẹjọ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó nílé ẹjọ́. Bí gbólóhùn bàbá bá gùn jù, ẹ má gé e láàárín. Ẹ jẹ́ kí asọ̀tàn sọ díẹ̀ ṣáájú, kí ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ bàbá sí i lódindi. Bí fídíò bá sì ti ṣe tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ bàbá lórí WhatsApp kí ẹ tó gbé e síta. Ẹ má sì gbé ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè kan lọ sábẹ́ ìbéèrè míì láé.

Ní ti ìwé eré mẹ́fà tuntun, rárá. Nínú ohun tí o fi ránṣẹ́, mẹ́rin ni mo rí: kànga Kákàwá tí a tún kọ, Ìlọ́jọ̀ bó ṣe wà pẹ̀lú orúkọ, ilé méjì tó léra, àti àtẹ̀gùn, bí ẹ bá yà á bí mo ṣe wí. Ìdajì ojú ìwé ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ kan á tó ọ láti kọ ọ́. Bí purodúsà bá ṣì fẹ́ mẹ́fà, méjì tó kù lè jẹ́ ṣọ́ọ̀tù olóòró tí ẹ ò kọ ọ̀rọ̀ sí rárá: kí ẹnì kan di fóònù mú ní òòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, kó máa ya ọwọ́ bíríkìlà, ilẹ̀kùn tó ń ṣí, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn màmá. Àwọ̀ rẹ̀ ò ní bá ti kámẹ́rà ńlá mu, nítorí náà ẹ má pò ó mọ́ ti kámẹ́rà nínú fídíò kan náà. Kí ẹni náà sì pa ìró fóònù rẹ̀ o, torí lẹ́gbẹ̀ẹ́ makirofóònù ló máa dúró sí.